Kí òṣìṣẹ́ tuntun tó fọwọ́ síwèé, ẹ kọ iye oṣù ìdánwò rẹ̀ sílẹ̀

Ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá oníléeṣẹ́ kéékèèké kì í fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹni tó wá wáṣẹ́ sọ́dọ̀ wọn. Ìbéèrè ọ̀hún ni pé: 'Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, oṣù mélòó lẹ máa fi dán mi wò, ṣé ẹ lè bá mi kọ ọ́ sínú ìwé kí n tó fọwọ́ sí i?' Bí ọmọ náà bá ti gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ báyìí, ojú ọ̀gá á yí padà. Lójú tiẹ̀, ẹni tí kò tí ì ṣiṣẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ti ń fura sí òun, àfi bíi pé ó ń múra ẹjọ́ sílẹ̀. Nígbà mìíràn, wọ́n á ní kó máa lọ sílé, pé àwọn yóò pè é, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ní pè é mọ́.

Ọ̀gá tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti lé àǹfààní ara rẹ̀ lọ. Bí a bá wo òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, tí a sì wo ẹjọ́ kan tó jáde láti Ilé-Ifẹ̀ níbí, a ó rí i pé agbanisíṣẹ́ gan-an ni nǹkan máa ń bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ jù nígbà tí kò bá sí iye oṣù nínú ìwé. Èyí ló fi yẹ kí gbogbo ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù, ilé búrẹ́dì, ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, ilé ìtajà oògùn tàbí ilé ìtẹ̀wé dáhùn ìbéèrè yẹn kí wọ́n tó bi í rárá.

Òfin kò sọ iye oṣù, ìwé yín ni yóò sọ ọ́

Àkókò ìdánwò, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń pè ní puróbéṣàn, ni ìgbà tí agbanisíṣẹ́ fi ń wò ó bóyá ẹni tí òun gbà mọ iṣẹ́, bóyá ìwà rẹ̀ sì bá ilé iṣẹ́ mu. Òṣìṣẹ́ náà ń fi í wò ó bóyá ibi tí òun dé gbé òun. Bí ó bá parí dáadáa, wọ́n á kọ lẹ́tà pé àwọn ti gbà á tán pátápátá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, èyí tó wà nínú àkójọpọ̀ òfin ọdún 2004, kò sọ̀rọ̀ àkókò ìdánwò. Kò sọ pé oṣù mẹ́ta ni, kò sọ pé oṣù mẹ́fà ni, kò sì sọ pé dandan ni kó wà. Ẹni tó bá ń sọ pé oṣù mẹ́ta ni òfin wí, àṣà àwọn iléeṣẹ́ ló ń sọ. Ẹni tó bá sì ní oṣù mẹ́fà, àṣà náà ni tiẹ̀. Nígbà tí òfin ti dákẹ́, kò sí ibòmíràn tí adájọ́ máa wò ju ìwé tí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí lọ. Bí ìwé náà bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ di èmi-sọ-ìwọ-sọ.

Abala 7 nínú òfin yìí sọ pé agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó sọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí: orúkọ agbanisíṣẹ́, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, irú iṣẹ́ tó ń ṣe, owó rẹ̀ àti ìgbà tí wọn yóò máa san án, wákàtí iṣẹ́, ìsinmi, ètò fún àìsàn, àti iye ọjọ́ nótíìsì tí ẹnikẹ́ni nínú wọn máa fún ẹnì kejì bí iṣẹ́ bá fẹ́ tú ká. Èyí dára. Ṣùgbọ́n òfin fún agbanisíṣẹ́ ní àyè oṣù mẹ́ta gbáko, láti ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó tó gbé ìwé náà kalẹ̀.

Ẹ wo bí ìyẹn ṣe rí. Oṣù mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ fi ń dán ènìyàn wò. Ìyẹn ni pé òṣìṣẹ́ lè wọlé, kó ṣe gbogbo àkókò ìdánwò rẹ̀ tán, kí wọ́n sì dá a dúró, láìjẹ́ pé agbanisíṣẹ́ ti jẹ̀bi lábẹ́ òfin pé kò fún un ní ìwé kankan. Ààbò tí abala 7 fún un lè dé lẹ́yìn tí ọjà ti tú. Ìdí rèé tí ọmọ tó ń wáṣẹ́ fi gbọ́n bó bá béèrè kó tó fọwọ́ síwèé. Lẹ́yìn tó bá ti fọwọ́ sí i, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀.

Ẹjọ́ tó jáde láti Ilé-Ifẹ̀

Àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin iṣẹ́ lórílẹ̀-èdè yìí mọ ẹjọ́ kan dáadáa. Orúkọ rẹ̀ ni Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Onabanjo. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ló gbọ́ ọ, ọdún 1991 ni wọ́n sì tẹ ìdájọ́ náà sínú ìwé tí àwọn agbẹjọ́rò fi ń tọ́ka sí ẹjọ́. Ohun tí kóòtù sọ nínú rẹ̀ nípa àkókò ìdánwò ló yẹ kí gbogbo oníléeṣẹ́ fi sọ́kàn.

Kóòtù ní bí agbanisíṣẹ́ bá gba ènìyàn fún ìdánwò iye àkókò kan, tí àkókò náà pé, tí agbanisíṣẹ́ kò sọ nǹkan kan, àmọ́ tó ń jẹ́ kí ẹni náà máa wá síbi iṣẹ́, tó sì ń san owó oṣù fún un, a jẹ́ pé ìwà rẹ̀ ti fi hàn pé ó ti gbà á síṣẹ́ tán. Kò ní lè yí padà lẹ́yìn náà kó ní inú ìdánwò ni ọmọ náà ṣì wà. Òfin á dí i lẹ́nu, nítorí pé ohun tó fi ìwà sọ ni ẹnì kejì rẹ̀ gbà gbọ́ tó fi ń bá iṣẹ́ lọ.

Yunifásítì ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ó ní fáìlì, ó ní agbẹjọ́rò. Bí irú ẹjọ́ báyìí bá lè kan irú ilé bẹ́ẹ̀, kí ni oníṣọ́ọ̀bù tó fi gbogbo ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú orí máa sọ? Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, òwe yẹn sì rèé nínú òfin iṣẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ agbanisíṣẹ́ lọ́jọ́ tí ìdánwò parí, bíi ìgbà tó kọ lẹ́tà pé òun ti gba òṣìṣẹ́ náà tán ni.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti lágbára jù. Ìlànà yìí kò lè ṣiṣẹ́ dáadáa fún ẹnikẹ́ni bí kò bá sí ọjọ́ tí ìdánwò parí. Ẹni tí ìwé rẹ̀ sọ pé 'ìdánwò oṣù mẹ́ta' mọ ọjọ́ tí ìdákẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kàn sọ pé 'o máa wà lórí ìdánwò' kò mọ̀ ọ́n, ọ̀gá rẹ̀ náà kò sì mọ̀ ọ́n.

Àpẹẹrẹ kan ní Lágere

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é, kó lè yé wa. Ká ní ọkùnrin kan ní ilé búrẹ́dì ní Lágere, tó fẹ́ gba ọmọbìnrin kan gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé tí yóò máa kọ iye búrẹ́dì tó jáde àti owó tó wọlé. Wọ́n jọ sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ní kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 70,000 náírà lóṣù, pé bí òun bá ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, yóò di 85,000. Ó fún un ní lẹ́tà. Ohun tó wà nínú lẹ́tà náà ni pé: 'O máa kọ́kọ́ wà lórí ìdánwò, lẹ́yìn èyí, a máa gbé owó oṣù rẹ yẹ̀wò.' Ọmọbìnrin náà fọwọ́ sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 3, oṣù kejì, ọdún 2025.

Lọ́kàn ọmọbìnrin yìí, oṣù mẹ́ta ni ìdánwò, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi tí ìyẹn ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́kàn ọ̀gá, oṣù mẹ́fà ni. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Oṣù mẹ́ta pé lọ́jọ́ 2, oṣù karùn-ún. Owó kò kúrò lórí 70,000. Ọmọbìnrin náà dákẹ́, ó ní bóyá ọ̀gá ń retí ìparí oṣù. Nígbà tó di ọjọ́ 2, oṣù keje, ìjà dé lórí ìṣirò kan, ọ̀gá ní kó máa lọ lọ́jọ́ náà gan-an, pé ẹni tó wà lórí ìdánwò kò ní nótíìsì.

Kí ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn lè gbà? Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn. Ọ̀rọ̀ nótíìsì wà nínú abala 11 òfin iṣẹ́. Bí iṣẹ́ kò bá tí ì ju oṣù mẹ́ta lọ, nótíìsì ọjọ́ kan tó. Bó bá ti ju oṣù mẹ́ta lọ, tí kò tí ì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan ni. Láti ọdún méjì sí ohun tí kò tó ọdún márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì ni. Láti ọdún márùn-ún sókè, oṣù kan ni. Nótíìsì tó bá sì ti tó ọ̀sẹ̀ kan, inú ìwé ló gbọ́dọ̀ wà. Ọmọbìnrin yìí ti ṣe oṣù márùn-ún. Akọ̀wé ni, òfin yìí sì kan àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ akọ̀wé. Nítorí náà, yálà ìdánwò rẹ̀ ti parí tàbí kò tí ì parí, nótíìsì ọ̀sẹ̀ kan tọ́ sí i, tàbí owó ọ̀sẹ̀ kan dípò rẹ̀. Ọ̀gá ti ṣìnà níbẹ̀, bó ti wù kí ìdánwò náà gùn tó. Òfin kò ka ìdánwò, iye oṣù tí ènìyàn ti fi ṣiṣẹ́ ló ń kà.

Ọ̀rọ̀ owó ló wá le. Bí ìdánwò bá jẹ́ oṣù mẹ́ta, ọmọbìnrin yìí á ní láti ọjọ́ 3, oṣù karùn-ún, ló ti yẹ kí òun máa gba 85,000. Oṣù méjì gbáko nìyẹn, 15,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ 30,000 náírà. Bó bá jẹ́ oṣù mẹ́fà, kò sí kọ́bọ̀ tó tọ́ sí i níbẹ̀. Ìwé kò sọ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Òfin tó wà lórí ẹ̀rí ní kóòtù, ti ọdún 2011, sọ ní abala 128 pé bí àdéhùn bá ti wà nínú ìwé, ènìyàn kò lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu tako ohun tó wà nínú ìwé náà tàbí kó yí i padà. Ó fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹnu lórí ohun tí ìwé kò mẹ́nu bà, bí kò bá ti ta ko ìwé náà. Nítorí náà, ọmọbìnrin wa lè wá sọ pé oṣù mẹ́ta ni wọ́n jọ sọ, nítorí pé ìwé kò sọ iye oṣù. Àmọ́ ta ni ẹlẹ́rìí rẹ̀? Àwọn méjì péré ló wà nínú ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà. Ní ti 85,000, wàhálà rẹ̀ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé ti sọ̀rọ̀ owó, ohun tó sì sọ ni pé wọn yóò 'gbé e yẹ̀wò'. Kí a gbé nǹkan yẹ̀wò yàtọ̀ sí kí a fi kún un.

Ṣé ọ̀gá ló wá borí nìyẹn? Rárá o. Òun náà fẹ́ sọ pé oṣù mẹ́fà ni, kò sì ní ìwé tí yóò nà sókè. Bí kóòtù bá gbà pé oṣù mẹ́ta ni, ìdájọ́ Ilé-Ifẹ̀ yẹn ti wà nílẹ̀ pé ó ti gba ọmọ náà tán nípa ìwà. Owó tí àwọn méjèèjì ń jà sí kò ju 30,000 náírà àti owó ọ̀sẹ̀ kan lọ. Owó ọkọ̀, ọjọ́ tí iṣẹ́ fi dúró, àti owó agbẹjọ́rò lè jẹ ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì kí ẹnikẹ́ni tó jókòó sọ̀rọ̀. Gbogbo rẹ̀ ì bá sì ti parí bí ẹnì kan bá kọ 'oṣù mẹ́ta' tàbí 'oṣù mẹ́fà' sínú lẹ́tà yẹn.

Ohun márùn-ún tí ìwé náà gbọ́dọ̀ sọ

Ìwé ìdánwò kò nílò ju ìdajì ojú ewé lọ. Ohun àkọ́kọ́ ni ọjọ́ tí ìdánwò bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Ẹ má kọ oṣù nìkan, ẹ kọ ọjọ́ pẹ̀lú. Ẹni tó fọwọ́ síwèé lọ́jọ́ kẹẹ̀dógún, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní oṣù tó tẹ̀ lé e, lè máa ka oṣù tiẹ̀ láti ọjọ́ tó fọwọ́ sí i.

Èkejì ni owó: iye tí yóò gbà nígbà ìdánwò, iye tí yóò gbà lẹ́yìn rẹ̀, àti ọjọ́ tí àfikún náà bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí àfikún, ẹ kọ ọ́ pé kò sí. Ẹni tó mọ̀ pé kò sí kò ní máa retí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí ẹ máa fi díwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń fo ìlà. 'Bí iṣẹ́ rẹ bá tẹ́ wa lọ́rùn' kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Fún akọ̀wé ilé búrẹ́dì, ẹ lè kọ pé ìṣirò búrẹ́dì àti owó gbọ́dọ̀ bára mu ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, pé ó gbọ́dọ̀ dé kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó gbé búrẹ́dì jáde, pé ìwé ìṣirò kò gbọdọ̀ ní ojú ewé tí a ya. Ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó máa ṣe àyẹ̀wò náà, ọ̀gá ni tàbí máníjà. Bí iṣẹ́ bá wá bàjẹ́, ẹ ní ohun tí ẹ máa nàka sí.

Ẹ̀kẹrin ni bí ẹ ṣe máa fi kún àkókò ìdánwò, bí ó bá di dandan. Ẹ kọ ọ́ pé ẹ lè fi kún un lẹ́ẹ̀kan, iye oṣù tí kò gbọdọ̀ kọjá, àti pé lẹ́tà rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde kí ọjọ́ ìdánwò tó parí. Lẹ́tà àfikún tó bá jáde lọ́sẹ̀ méjì lẹ́yìn ọjọ́ ìparí ti pẹ́. Lójú ìdájọ́ ọdún 1991 yẹn, ó ṣeé ṣe kí òṣìṣẹ́ náà ti di ẹni tí ẹ gbà tán.

Ìkarùn-ún ni nótíìsì, ti ẹ̀yin àti ti òṣìṣẹ́ náà. Ẹ má kọ ohun tó kéré sí ti òfin fún àwọn tí òfin iṣẹ́ kàn. Bí ìdánwò yín bá jẹ́ oṣù mẹ́fà, ẹ rántí pé nótíìsì wọn yóò kúrò ní ọjọ́ kan, yóò di ọ̀sẹ̀ kan, bí oṣù mẹ́ta bá ti kọjá, láàárín ìdánwò náà gan-an. Àwọn máníjà, olùkọ́ àti àwọn onímọ̀ṣẹ́ mìíràn kò sí lára àwọn tí òfin yẹn pè ní òṣìṣẹ́. Ohun tí ìwé yín bá sọ ni tiwọn, èyí sì tún fi kún ìdí tí ìwé wọn fi gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀.

Lẹ́tà ti ọ̀gá Lágere ì bá ti rí báyìí: 'Ìdánwò rẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 3, oṣù kejì, ọdún 2025, ó sì parí lọ́jọ́ 2, oṣù karùn-ún, ọdún 2025. Owó oṣù rẹ nígbà ìdánwò jẹ́ 70,000 náírà. Bí a bá gbà ọ́ tán, yóò di 85,000 náírà láti ọjọ́ 3, oṣù karùn-ún. A máa fún ọ ní lẹ́tà bóyá a gbà ọ́ tán tàbí a kò gbà ọ́, kó tó di ọjọ́ tí ìdánwò parí. A lè fi oṣù kan péré kún un, bí a bá kọ̀wé sí ọ kí ọjọ́ náà tó pé.' Gbólóhùn márùn-ún ni. Ẹni tó bá lè kọ ìwé gbèsè fún oníbàárà lè kọ ọ́.

Bí ọmọ tó ń wáṣẹ́ ṣe lè béèrè, àti bí ọ̀gá ṣe lè dáhùn

Ilẹ̀ Yorùbá ni a wà, ọ̀nà tí ènìyàn gbà béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó jù ú lọ ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá fi ohùn lọ́yà béèrè, ọ̀gá á dá a lóhùn bíi lọ́yà. Ìgbà tó dára jù láti béèrè ni ìgbà tí wọ́n ti sọ pé àwọn fẹ́ ẹ, tí ìwé sì ti wà lórí tábìlì, kí bíírò tó kàn án. Ó lè sọ pé: 'Ẹ ṣeun gan-an, ọ̀gá. Inú mi dùn sí iṣẹ́ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, mo rí i pé ìwé sọ̀rọ̀ ìdánwò, àmọ́ kò sọ ọjọ́ tó máa parí. Ṣé ẹ lè bá mi fi ọjọ́ náà àti owó tó máa tẹ̀ lé e sí i, kí n lè mọ ohun tí ẹ ń retí lọ́wọ́ mi?'

Bí ọ̀gá bá gbà, kò sí ìdí láti tún ìwé tuntun tẹ̀. Wọ́n lè fi bíírò kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà náà, lórí ẹ̀dà méjèèjì, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí wọ́n kọ, kí wọ́n sì fi ọjọ́ sí i. Ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ ọ̀gá, ọ̀kan wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀dà kan ṣoṣo tó wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá ni wọ́n kọ ọ́ sí, kò tí ì tó.

Bí ọ̀gá bá ní, 'Má dààmú, oṣù mẹ́ta ni, mo ti sọ fún ẹ,' tí kò fẹ́ kọ ọ́, ọmọ náà ṣì lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ Wasáàpù ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà: 'Ẹ káalẹ́, ọ̀gá. Mo dúpẹ́ fún ti òní. Gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ, oṣù mẹ́ta ni ìdánwò mi láti ọjọ́ 3, oṣù kejì, lẹ́yìn rẹ̀ owó oṣù yóò di 85,000. Mo máa dé ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Ajé.' Bí ọ̀gá bá dáhùn pé 'Ó dáa', ìwé ti wà nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà tí ènìyàn fọwọ́ sí lágbára jù ú lọ. Bí ọ̀gá bá dáhùn pé 'Rárá, oṣù mẹ́fà ni mo sọ', ìyẹn náà dára. Ó sàn kí àìgbọ́ra-ẹni-yé jáde ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ju oṣù keje lọ.

Ọ̀gá tí wọ́n bi ní ìbéèrè yìí kò gbọdọ̀ kà á sí àrífín. Ẹ wo ẹni tó ń béèrè: akọ̀wé tó fẹ́ kí ọjọ́ àti iye owó wà nínú ìwé, kí ó má baà sí àṣìṣe. Ṣebí irú ẹni tí ẹ fẹ́ kó máa ṣọ́ ìṣirò yín nìyẹn?

Àwọn kan á ní, 'Bí mo bá kọ oṣù mẹ́ta, mo ti so ara mi mọ́ ọn.' Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdánwò tó ní ọjọ́ ló fún yín ní àyè láti jẹ́ kí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ máa lọ ní wọ́ọ́rọ́wọ́, pẹ̀lú nótíìsì tó kéré jù lọ tí òfin gbà. Ìdánwò tí kò ní ọjọ́ ló ń so ènìyàn, nítorí pé ẹ kò mọ ìgbà tí ìdákẹ́jẹ́ yín yóò di ìgbanisíṣẹ́ pátápátá. Ohun kan ṣoṣo tí oṣù tí ẹ kọ so yín mọ́ ni pé kí ẹ ṣe ìpinnu. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá fọwọ́ síwèé, ẹ fi ọjọ́ kan sínú fóònù yín tó fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìparí ìdánwò. Fún àpẹẹrẹ wa, ọjọ́ 18, oṣù kẹrin, nìyẹn. Ọjọ́ yẹn ni kí ẹ pe òṣìṣẹ́ jókòó, kí ẹ gbé ìwé ìṣirò kalẹ̀, kí ẹ sì mú ọ̀kan nínú mẹ́ta: ẹ gbà á tán, ẹ fi kún ìdánwò rẹ̀, tàbí ẹ ní kó máa lọ. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ kọ ọ́.

Àwọn mìíràn á ní àṣà àwọn onílé-iṣẹ́ ńláńlá nìyí, kì í ṣe ti ọjà Ifẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ọ̀dọ̀ télọ̀, mẹkáníìkì àti onídìrí. Kí ọmọ tó wọ ẹnu ìkọ́ṣẹ́, òbí rẹ̀ á wá, onídùúró á wà níbẹ̀, wọ́n á kọ iye ọdún sínú ìwé àdéhùn, wọ́n á kọ owó ìkọ́ṣẹ́, gbogbo wọn á sì fọwọ́ sí i. Ọjọ́ tí ọdún náà bá pé ni wọ́n ń fi ka ìgbà fírídọ̀ọ̀mù. Ọ̀gá kò lè jí lọ́jọ́ kan kó fi ọdún kún un. A ti mọ̀ tipẹ́ pé bí àkókò kò bá sí nínú ìwé, ìjà ló ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí ìdí tí ẹni tó ń gba owó oṣù yóò fi ní àdéhùn tó kéré sí ti ọmọ ẹnu ìkọ́ṣẹ́.

Ibi tí ìwé náà mọ

Kò yẹ kí òṣìṣẹ́ rò pé ìwé ìdánwò yóò pa iṣẹ́ mọ́ fún òun. Ní iléeṣẹ́ aládàáni, kóòtù kì í sábà fi tipátipá mú ọ̀gá láti máa bá ẹni tí kò fẹ́ mọ́ ṣiṣẹ́. Ohun tí òṣìṣẹ́ tí wọ́n lé láìtẹ̀lé àdéhùn sábà máa ń gbà ni owó nótíìsì tó tọ́ sí i àti owó iṣẹ́ tó ti ṣe. Ìwé náà kò sì lè sọ ọ̀gá burúkú di rere. Ohun tó lè ṣe ni kó jẹ́ kí àwọn méjèèjì mọ ọjọ́ tí wọ́n ń rìn lọ bá, àti iye tó wà lẹ́yìn ọjọ́ náà.

Àwọn oníléeṣẹ́ tó ti ní òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, tí lẹ́tà wọn kò sọ ọjọ́, ṣì lè tún un ṣe. Abala 7 òfin iṣẹ́ sọ pé bí nǹkan bá yí padà nínú àdéhùn, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ìwé sọ ọ́ fún òṣìṣẹ́ láàárín oṣù kan. Ẹ pe wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó yé wọn nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀yin náà sọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Ẹ jọ fẹnu kò sórí ọjọ́ kan, ẹ kọ ọ́ sórí ẹ̀dà méjì, kí ẹ sì fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ti ju oṣù mẹ́ta lọ lọ́dọ̀ yín láìsí ìwé kankan ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, nítorí pé àyè tí òfin fún yín lórí tiẹ̀ ti parí.